Ìró mi ò yí mi ká mọ́: ikùn tó ń yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti pé 51, ó sì ti di oṣù 14 báyìí tí mo ti rí nǹkan oṣù mi gbẹ̀yìn. Láàárín ọdún mẹ́ta mo kúrò ní kílò 74 mo bọ́ sí 79, ṣùgbọ́n ikùn ni gbogbo ẹ̀ lọ jókòó sí, ìdí mi àti itan mi tiẹ̀ ń jò. Ìró tí mo máa ń ró tí etí ẹ̀ máa ń kù tí mo máa ń kì bọ ẹ̀gbẹ́, kò yí mi ká mọ́. Oúnjẹ tí mò ń jẹ látijọ́ náà ni mò ń jẹ. Kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni mo sì lè ṣe tí kò ní gba pé kí n lọ máa sanwó jíìmù?

Màmá Ìbejì Ọbáńtokò:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi náà la á kọjá. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa jáde lóṣooṣù ló ń gbára jọ sínú ikùn, ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ jáde ni. Mo ra tíì ìfọkùn kan lọ́jà Kútò, ọ̀sẹ̀ kan péré, kílò mẹ́rin já bọ́ lára mi, mo sì ń fi gẹ́dù di ikùn sùn. Ẹ tún gé ẹ̀bà kúrò pátápátá, oúnjẹ wa yìí gan-an ló ń sọ wá dà báyìí. Tèmi ṣá ti padà wá díẹ̀ nítorí mi ò mu tíì yẹn déédéé mọ́.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Aládìrẹ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ dáhùn, ẹ jẹ́ n fi ìfẹ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ò ti rí bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń gbára jọ. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù, awọ tó bo inú ilé ọmọ ló ń wó lulẹ̀ lóṣooṣù, họ́mọ́ọ̀nù ló ń mú un nípọn kó tó wó. Tí ilé ẹyin bá ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, awọ yẹn ò nípọn mọ́, kò wá sí ohun tó máa wó. Kò sí nǹkan tí ẹ máa fọ̀ jáde. Àwọn tíì ìfọkùn yẹn, ewé sẹ́nà ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, oògùn ìgbẹ́ ni. Kílò mẹ́rin tó lọ lọ́sẹ̀ kan, omi àti ìgbẹ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi padà. Tí èèyàn bá ń mu ún lọ títí, ìfun lè ya ọ̀lẹ, iyọ̀ ara sì lè dà rú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Ẹ́sítírójìn, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, ló ń darí ọ̀rá obìnrin lọ sí ìdí àti itan láti ìgbà tí a ti di ọmọge. Tó bá ti lọ sílẹ̀, ọ̀rá á yí ojú ọ̀nà padà, á gba inú ikùn lọ, kì í ṣe abẹ́ awọ tí ẹ lè fi ọwọ́ fà nìkan, inú lọ́hùn-ún, ní àyíká ìfun àti ẹ̀dọ̀. Ẹ ò rí i pé ìdí yín ń jò nígbà tí ikùn ń yọ? Òun nìyẹn. Ọ̀rá inú yẹn ló burú jù, nítorí ó ń da ọ̀rá sára ẹ̀dọ̀, ínsúlínì tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ò wá ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ibẹ̀ ni ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kílò márùn-ún yẹn fúnra ẹ̀, ọjọ́ orí ló fà á jù. Ẹran ara, ìyẹn iṣan tó ń gbé nǹkan, ń jò díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún, òun ló sì ń jẹ iná ara kódà tí a bá jókòó. Tó bá dínkù, oúnjẹ tó tó yín látijọ́ á wá di àjẹjù láì ṣe pé ẹ fi kún un. Ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1994, SWAN lorúkọ ẹ̀, wọ́n ń bá àwọn obìnrin lọ ọdún dé ọdún. Wọ́n rí i pé nígbà tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège títí dé ọdún méjì lẹ́yìn tó lọ tán, ọ̀rá ń yára kó jọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣan sì ń dínkù, lẹ́yìn náà ló wá rọlẹ̀. Àárín ìgbà yẹn gan-an lẹ wà báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ọjọ́ yín ṣe ń lọ fún mi láti àárọ̀. Ẹ tún mú téèpù télọ̀, ẹ wọn ikùn: ẹ wá egungun ìhà tó kéré jù nísàlẹ̀ àti orí egungun ìbàdí, àárín méjèèjì ni téèpù máa gbà, ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ga náà.

Bàbá Àdìgbẹ:
Ẹ má bínú, ọkùnrin ni mí, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni mo fẹ́ béèrè fún. Òun náà ti pé 50. Ní tiẹ̀, ọ̀kánjúwà oúnjẹ ni mo rò pé ó jẹ́. Aago méjì òru ló máa dìde, á ṣí fèrèsé, á bọ́ aṣọ, á máa fi páálí fẹ́ ara ẹ̀, lẹ́yìn náà á lọ sí kíṣìnì lọ jẹ búrẹ́dì àti mílíìkì. Mo ti bá a wí títí. Ṣé kí n máa ti kíṣìnì ni?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Bàbá, ẹ má ti kíṣìnì o, ẹ má sì bá a wí mọ́. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ooru yẹn, ara ẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ́sítírójìn tó lọ ló jẹ́ kí ibi tó ń ṣọ́ ìgbóná ara nínú ọpọlọ máa ṣì í ṣe, ìgbóná tí ò tó nǹkan lójú tiyín á kọjá ohun tí tiẹ̀ gbà. Èèyàn tí ò bá sùn dáadáa, ebi á máa pa á ju bó ṣe yẹ lọ lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ dídùn àti búrẹ́dì ni ọkàn ẹ̀ á sì máa fà sí. Ẹ wá fáànù tó ń lo bátìrì, kó máa wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sùn, kó jẹun alẹ́ ní nǹkan bí aago méje, kó má mu kọfí tàbí bíà lálẹ́. Tó bá le tó pé kì í lè sùn rárá, kó rí dókítà, oògùn wà fún un.

Bàbá Àdìgbẹ:
Mo gbọ́. Ẹ̀rí ọkàn mi ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ń lọ bá a.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Mo wọ̀n ọ́n. Ikùn 101 sẹ̀ǹtímítà, mo ga 160. Ọjọ́ mi rèé, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Aago márùn-ún mo ti jí, mo mu tíì, mílíìkì àti ṣúgà kóró mẹ́rin, kò sí nǹkan míì títí di mọ́kànlá. Mọ́kànlá, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù mẹ́fà tàbí bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹ̀pà. Aago méjì láfún, mo lè jẹ ìkúùkù méjì ńlá pẹ̀lú ewédú àti ọbẹ̀ ata, ẹran kan ṣoṣo nítorí ẹran wọ́n. Ìgò mọ́ọ̀tì kan tàbí méjì, àwọn oníbàárà ló máa ń ra á fún mi. Orí ìjókòó ni mo wà láti mẹ́jọ sí méje. Mo dé ilé ní mẹ́jọ ààbọ̀, ebi á ti pa mí kú, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, mo jẹ ẹ́ dáadáa, mo sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìdáhùn yín, mo wọn epo tí mo ń dà sínú ìkòkò ẹ̀fọ́ mi: ṣíbí ìjẹun méjìlá! Èmi àti ọmọ mi la máa jẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Mo ti ń rò pé díẹ̀ ni mò ń dà.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Ẹ ṣeun tí ẹ sòótọ́. Òdiwọ̀n tó rọrùn ni pé kí ikùn má kọjá ìdajì gíga èèyàn, tiyín á jẹ́ 80. Kò túmọ̀ sí pé ẹ máa dé 80 lọ́dún yìí, mi ò ní ṣèlérí ìyẹn fún yín. Kódà tí kílò mẹ́rin péré bá lọ, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru á ti ń dáa sí i.

Ẹ gbọ́, láfún ò ṣẹ̀. A ò ní ká Ẹ̀gbá má jẹ láfún. Ohun tí mo rí nínú ọjọ́ yín ni mẹ́ta.

Èkínní, òwúrọ̀ yín ò ní púrótíìnì rárá, ẹran kan ṣoṣo ló wà lọ́sàn-án. Iṣan tó ń jò, púrótíìnì ló fi ń tún ara ẹ̀ ṣe, bí a sì ṣe ń dàgbà, ó fẹ́ kó tó nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 25 nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lálẹ́. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ẹ jẹ ẹyin bíbọ̀ méjì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín kan, tàbí ẹ̀wà tó kún ife kan pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ẹyin kan tó nǹkan bí gíráàmù mẹ́fà. Àwọn tí ẹran wọ́n fún, ẹ̀wà, ẹja pańla, ẹ̀pà díẹ̀, sóyà, wàrà, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ ó rí i pé mọ́kànlá á dé láì jẹ́ pé ẹ ń wá pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù kiri.

Èkejì, epo. Ṣíbí ìjẹun epo kan tó kálórì 120, ìkòkò yín á tó 1,400 nínú epo nìkan. Ẹ má yọ ọ́ kúrò, ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ìkòkò kan náà, ẹ jẹ́ kí ata àti ìrù gbé adùn. Mọ́ọ̀tì náà: ẹ sọ fún oníbàárà pé omi tútù ni kí wọ́n rà fún yín. Ṣúgà inú ìgò kan ju ṣíbí tíì mẹ́fà lọ dáadáa, kò sì ní yó yín.

Ẹ̀kẹta, òkèlè. Láfún ọ̀sán, ìkúùkù yín kan, kì í ṣe ìkúùkù ọkùnrin, ẹ̀fọ́ tàbí ewédú kó gba ìdajì àwo. Alẹ́, tẹ́ ẹ bá dé ní mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ jẹ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja àti ẹ̀bà kékeré, tàbí kẹ́ ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ ní mẹ́fà. Mo fẹ́ èyí gbẹ̀yìn jù.

Kóòṣì Kútò:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n bọ́ sí i. Mo ń kọ́ àwọn màmá ní eré ìdárayá láàárọ̀ ní pápá. Gẹ́dù kì í jẹ ọ̀rá, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra ni. Àwọn tó ń dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń gbé àyà sókè ní igba ìgbà, iṣan ikùn ni wọ́n ń mú le, ọ̀rá tó wà lórí ẹ̀ ò gbọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè yan ibi tí ọ̀rá máa ti kúrò.

Nọ́ọ̀sì sọ nípa oúnjẹ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dín oúnjẹ kù láì gbé nǹkan, iṣan pàápàá á bá a lọ, ẹ ó fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó sì rọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí níbi ṣọ́ọ̀bù. Àga tí kò ní ìfapá, ẹ gbé e ti ògiri kó má yọ̀. Ẹ jókòó sí iwájú ẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì kó tẹ ilẹ̀, ọwọ́ kó fi ara kọ́ra láyà. Ẹ dìde láì ti ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì jókòó padà díẹ̀díẹ̀, ẹ ka ìkan, méjì, mẹ́ta kí ìdí tó kan àga. Ìgbà mẹ́jọ. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta lápapọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi ọwọ́ tì í bíi pé ẹ fẹ́ tì í wó, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè, Fúráìdeè. Tí ẹ bá ti lè ṣe méjìlá láì mí gule, ẹ gbá kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún mọ́ àyà kẹ́ ẹ tó dìde. Itan tó bá rẹni, kò burú, ṣùgbọ́n tí orúnkún bá ń dùn yín lójú ẹ̀ gan-an, ẹ fi tìmùtìmù sórí àga kó ga sí i.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Kóòṣì, mo gbà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n rírìn náà ò gbọdọ̀ sọnù. Ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún, kí èèyàn rìn tó fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin.

Kóòṣì Kútò:
Rírìn dáa fún ọkàn àti ṣúgà, mi ò jiyàn. Ohun tí mò ń wí ni pé tí àyè kékeré ló bá wà fún èèyàn, kó fi ṣe ti àga kó tó rìn. Ọ̀pọ̀ màmá ń rìn ní gbogbo àárọ̀ fún ọdún méjì, ikùn ò kúrò.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Emi á ní kó máa rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ, ó rọrùn fún un láti Ìtòkú gba ọ̀nà Sápọ́n kó sì padà. Lórí èwo ló máa ṣáájú, a ò ní fẹnu kò lónìí.

Ọmọ Láfẹ́ńwá:
Ẹ káàsán màmá mi. Èmi jẹ́ 36, nǹkan oṣù mi ò wá láti oṣù mẹ́jọ, mo sì ti fi kílò mẹ́fà kún. Ṣé mo ti wọ inú ẹ̀ náà nìyí? Mo ń gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Ọmọ mi, kì í ṣe èyí tí à ń sọ níbí. Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dá nǹkan oṣù dúró, ó sì ń fi kílò kún àwọn kan lára. Padà sí ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ, sọ fún wọn pé ara ń wú, wọ́n lè yí i padà sí oríṣi míì. Ṣe àyẹ̀wò oyún ná tó bá jẹ́ pé o pẹ́ kó o tó gba èyí tó kẹ́yìn.

Àǹtí Ìbarà:
Èmi fẹ́ sọ tèmi kí ẹlòmíì lè ṣọ́ra. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù lọ, ẹnì kan ń ta oògùn oríkèé tí wọ́n dì sínú láílọ́ọ̀nù fún mi. Ó ṣiṣẹ́ gan-an. Láàárín oṣù díẹ̀, ojú mi rí róbótó bí òṣùpá, ikùn mi yọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi tín-ín-rín, awọ ara mi ń ya bíi bébà. Gbogbo èèyàn ní mẹ́nópọ́ọ̀sì ni. Dókítà ló sọ pé oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, ṣúgà mi sì ti ga.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Ẹ kú ewu. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ àǹtí: tí èèyàn bá ti ń lo irú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kó má dá a dúró lójijì, ara ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tiẹ̀, dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn àmì míì tí kì í ṣe ti ọ̀rá: ikùn tó le tó wú ní ìhà kan tàbí tó yára wú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí tí oúnjẹ kékeré bá ń yó èèyàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fáíbírọ́ìdì tàbí ìṣòro ilé ẹyin lè wà níbẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ lẹ́yìn ọdún kan láì rí nǹkan oṣù, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo, ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn. Tó bá rẹni tí òtútù ń múni ju tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n yẹ táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn wò.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Kílò 76 àti díẹ̀, ikùn 95. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kílò kan péré ló kúrò, àbọ̀ oṣù kejì ó dúró pátápátá, ìwọ̀n ò lọ sókè ò lọ sílẹ̀, mo fẹ́ jáwọ́. Téèpù ló gbà mí, ìwọ̀n dúró ṣùgbọ́n ikùn ń dínkù. Òde méjì tí mo lọ lóṣù tó kọjá, mo jẹ gbogbo nǹkan, mo tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àga, mo ti ń gbá kẹ́ẹ̀gì, mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta. Oúnjẹ alẹ́ ni mi ò tíì lè gbé kúrò ní mẹ́jọ. Mo yẹ ṣúgà wò, ó ti ga díẹ̀, dókítà ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó dárúkọ oògùn họ́mọ́ọ̀nù nítorí ooru tó ń mú èmi náà lóru. Ṣé kò ní tún sọ mí di sísanra?

Màmá Ìbejì Ọbáńtokò:
Ẹ má gbà á o ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi kan gbà á, ó sanra.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Kò fi kílò kún èèyàn lápapọ̀, ohun tí àwọn ìwádìí fi hàn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi lè mú ara wú díẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ikùn, wọn kì í fún èèyàn nítorí ikùn. Ooru tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn ni ìdí ẹ̀. Kẹ́ ẹ sọ fún dókítà tí ẹ bá ní ìtàn jẹjẹrẹ ọmú tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ́sẹ̀ nínú ara yín tàbí nínú ìdílé, òun ló máa sọ bóyá ó yẹ yín. Mi ò lè gbé e fún yín láti ibí.

Màmá Ìbejì Ọbáńtokò:
Èmi ṣì ń bẹ̀rù ẹ̀. Ṣùgbọ́n tíì, mo ti jù ú nù.

Bàbá Àdìgbẹ:
Fáànù bátìrì ti dé ilé wa. Ìyàwó mi ní òun sùn títí di aago márùn-ún ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí. Búrẹ́dì òru ti dínkù, kò tíì tán.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń rí dókítà. Ìró àdìrẹ tí mo sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ró o lọ sí ọjà lánàá. Etí ẹ̀ kù ìka mẹ́rin, mo kì í bọ ẹ̀gbẹ́.